Ẹ Gbé Páìpù Sórí Òṣùwọ̀n Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra páìpù irin fún ẹsẹ̀ tánkì omi, mo bẹ̀ yín, ẹ má sanwó lórí orúkọ tí ọlọ́jà fi ẹnu pè é nìkan. Á ní "íǹṣì méjì, mẹ́ta-pọ́ìntì-mẹ́fà" ni, ìyẹn ni pé ògiri páìpù náà nípọn tó mìlímítà 3.6. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n tí páìpù tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 2.5 bá wà nínú òkìtì kan náà, ojú lásán kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, nítorí ìta àwọn méjèèjì dọ́gba. Inú ni wọ́n ti dín in.

Èmi náà ti kó sí i rí. Mo ra páìpù mẹ́jọ láti fi ṣe ẹsẹ̀ tánkì lẹ́yìnkùlé mi. Wẹ́dà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ fura. Ó ti ṣètò iná ẹ̀rọ rẹ̀ fún irin tó nípọn, àmọ́ bí rọ́ọ̀dù bá ṣe kan páìpù báyìí, ihò ló ń dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin yìí fẹ́lẹ́ o. Kì í ṣe ohun tí ẹ ní ẹ rà nìyí." A gbé ọ̀kan tí a kò tíì gé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, a sì fi òṣùwọ̀n wọn wọ̀n ọ́n. Kílò 22 ni. Páìpù tí mo sanwó fún ì bá tó kílò 30.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó yẹ kó tó 30? Ẹ fojú inú wò ó pé a la páìpù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní. Báwo ni ẹní yẹn yóò ṣe fẹ̀ tó? Bí a bá fi ìyípo ìta wọ̀n ọ́n, ó ti pọ̀ jù. Bí a bá fi ìyípo inú wọ̀n ọ́n, kò tó. Àárín ògiri ló jẹ́ òtítọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń yọ ìnípọn ògiri lẹ́ẹ̀kan péré kúrò nínú ìdábùú ìta. A ó wá fi páì sọ ọ́ di ìyípo, a ó sì fi ìnípọn, gígùn àti ìwúwo irin sọ ọ́ di púpọ̀: ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóòró àti nínípọn máa ń wúwo tó gíráàmù 7.85. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìṣirò kékeré yìí:

```
W = 0.02466 × (D − t) × t × L
```

W ni kílò tí a ń wá. D ni ìdábùú ìta, t ni ìnípọn ògiri, mìlímítà ni a fi ń wọn àwọn méjèèjì. L ni gígùn, mítà ni tirẹ̀. Páìpù tèmi ní ìdábùú ìta 60.3, ó sì gùn ní mítà 6. 60.3 yọ 3.6 ku 56.7. Ẹ fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 204.12, ẹ fi 0.02466 náà sí i, mítà kan jẹ́ kílò 5.03. Mítà 6 sì jẹ́ 30.2.

Ẹ má gbàgbé ìyọkúrò yẹn o. Ẹni tó bá fi 60.3 gan-an lu 3.6 yóò rí kílò 32.1, á sì pe olóòótọ́ ọlọ́jà ní olè.

Àṣìṣe kan wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: kí a gbọ́ "íǹṣì méjì" kí a sì fi 50.8 ṣe ìdábùú ìta, nítorí íǹṣì méjì lórí téèpù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù omi kì í jẹ́ orúkọ ìta rẹ̀. Íǹṣì méjì tí wọ́n ń pè é súnmọ́ ihò inú rẹ̀ ju ìta lọ, ìta rẹ̀ sì jẹ́ 60.3. Àmọ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àga àti ọwọ́ àtẹ̀gùn, ìta ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ, íǹṣì méjì tirẹ̀ sì jẹ́ 50.8 lóòótọ́. Ẹni tó bá fi 50.8 ṣírò páìpù omi yóò rí kílò 25.1, inú rẹ̀ á sì dùn tí òṣùwọ̀n bá sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé kílò 25 lára páìpù 60.3 túmọ̀ sí pé ògiri rẹ̀ kò tó mìlímítà 3. Ìṣirò rẹ̀ gan-an ló bá a fọwọ́ sí àbùkù.

Bí ẹ kò bá ní kálípà, ẹ fi téèpù aṣọ ti àwọn télọ̀ yí páìpù náà ká. Mìlímítà 189 ni ti 60.3, nǹkan bí 160 ni ti 50.8.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí kílò 22 mi. Mo fẹ́ mọ bí ògiri rẹ̀ ṣe nípọn tó ní ti gidi. Mo pín 22 sí mítà 6, mo sì pín èsì rẹ̀ pẹ̀lú 0.02466, ó di 148.7. Mo pín ìyẹn pẹ̀lú 60.3, mo rí 2.47, ṣùgbọ́n ìyẹn dín díẹ̀, nítorí n kò tíì yọ ìnípọn kúrò. Mo yọ 2.47 kúrò nínú 60.3, ó ku 57.83; mo tún fi ìyẹn pín 148.7, ó di 2.57. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ó mú kálípà rẹ̀ jáde, ó kì í bọ ẹnu páìpù, ó sì fi hàn mí: 3.4. N kò lè sọ pé ó parọ́, nǹkan tí kálípà kà nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé e ló ti tẹ etí rẹ̀ wọnú, tí etí náà fi nípọn ju ara yòókù lọ. Mo ní kí wọ́n fi ayùn gé e láàárín, kí wọ́n sì fi fáìlì ra ojú rẹ̀. Kálípà kan náà wá ka 2.6. Etí kan ṣoṣo ni kálípà ń rí. Òṣùwọ̀n ń rí páìpù láti orí dé ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà ní ibi tó ti lè ṣì wá lọ́nà. Páìpù tí wọ́n rì sínú síńkì ń wúwo ju dúdú lọ díẹ̀. Lórí páìpù mítà 6 yìí, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan, ẹ má sì ka ìyẹn mọ́ irin. Àlòkù tí sìmẹ́ńtì gbẹ sí nínú á tún wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú: páìpù rere tó jẹ́ mítà 5.7 yóò wọn kílò 28.7, kí ẹ má baà rò pé ògiri ló fẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe é kó ṣe régé. Bí ògiri bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, kílò 27.4 ni mítà 6 yóò jẹ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Kílò 22 kọjá àforítì.

Ọlọ́jà náà gba márùn-ún padà. Mẹ́ta tí a ti gé di tèmi, mo sì fi wọ́n ṣe ọgbà yí adìyẹ ká. Mẹ́jọ tí mo rà lẹ́yìn náà, orí òṣùwọ̀n ni mo ti kó wọn wọ ọkọ̀, mo sì jẹ́ kí ó kọ kílò wọn sórí rìsíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó.