Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Àpò Sìmẹ́ńtì Mélòó Ni Ìpìlẹ̀ Yín Máa Jẹ?

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìpìlẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a máa ń da kọnkéré rẹ̀ bo gbogbo ojú ilẹ̀ ilé, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n rẹ̀, àárín iṣẹ́ ni sìmẹ́ńtì máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kékeré kan, gígùn mítà 6, ìbú mítà 5, kí kọnkéré nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ínṣì mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ sọ sẹ̀ǹtímítà di mítà, ìyẹn 0.15, kí ẹ tó ṣírò: 6 × 5 × 0.15 = 4.5. Kúbíìkì mítà mẹ́rin àbọ̀ ni kọnkéré tó máa wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ẹrù 4.5 ti ṣìnà. Yanrìn máa ń wọ àlàfo àárín òkúta, sìmẹ́ńtì a sì wọ àlàfo yanrìn, bí ìgbà tí a da ẹ̀wà sórí ọsàn nínú agbọ̀n. Ẹrù gbígbẹ á wá sọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo 1.54: 4.5 × 1.54 = 6.93.

Bí àdàlù bá jẹ́ 1:2:4, ìpín méje ni. Ìpín kan jẹ́ 0.99. Nítorí náà sìmẹ́ńtì jẹ́ 0.99, yanrìn 1.98, òkúta gíránáìtì 3.96. Kúbíìkì mítà sìmẹ́ńtì kan wúwo tó kílò 1,440, nítorí náà tiwa tó àpò oníkílò 50 bíi 28 àbọ̀. Ẹ ra 30, torí èyí tó máa dànù.

Ẹ na okùn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ wọn jíjìn ilẹ̀ níbi púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 péré jìn ju bó ṣe yẹ lọ, àpò 35 ló máa jẹ. Etí ìpìlẹ̀ tó bá nípọn ju àárín lọ, ọ̀tọ̀ ni ẹ ó ṣírò rẹ̀. Ilé alájà tàbí ilẹ̀ àbàtà, ẹnjiníà ló ń sọ àdàlù tirẹ̀.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì ka ẹrù. Ẹ kan àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 × 35 × 25. Ó ń gba lítà 35, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan. Àpò kan, àpótí yanrìn méjì, àpótí òkúta mẹ́rin, omi bíi lítà 25. Bí yanrìn bá tutù, ẹ dín omi kù.

Bí wọ́n bá ti da àpò mẹ́wàá, kọnkéré yẹ kó ti gba bíi mítà méjì nínú gígùn ilé yìí. Bó bá ti dé mítà mẹ́ta, ẹ dá wọn dúró: yálà kọnkéré kò nípọn tó, tàbí wọ́n ń dín sìmẹ́ńtì kù.