Ọ̀gá tuntun dé síléeṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbé ọjà fún: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí i

Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ̀ ń gbé ọjà fún iléeṣẹ́ ńlá mọ ìṣòro yìí dáadáa. Wọ́n ti gbé ẹni tó mọ̀ yín níbẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ọ̀gá tuntun sì ti jókòó sáyè rẹ̀. Kò mọ̀ yín rí. Bí ẹlòmíì bá ṣáájú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà l'Ójúẹ̀lẹ́gbà, ní Sùúrùlérè, ṣe àpẹẹrẹ. Ká pè é ní Ìyá Lágbájá. Abọ́ oúnjẹ 40 ló ń gbé lọ sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá lójoojúmọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó oṣù kan. Bí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, ohun tó máa kọ ni: “Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo owó wa.” Ọ̀gá náà ò ní í mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gbèsè ni yóò sì kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn á fi ìlà mẹ́fà foríbalẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìyẹn náà ò dáa.

Ohun tó yẹ kó kọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni Ìyá Lágbájá, tó ń se oúnjẹ l'Ójúẹ̀lẹ́gbà. Láti ọdún 2022 la ti ń gbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán 40 wá sí ọ́fíìsì yín. Ọ̀gá tẹ́ ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló fún mi ní nọ́ńbà yín. A kí yín kú oríire ipò tuntun. Mo fẹ́ wá rí yín fún ìṣẹ́jú 10, kí n lè mọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kíṣẹ́ náà máa lọ. Ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa rọ̀ yín lọ́rùn ni, àbí Ọjọ́bọ̀? Ẹ ṣeun mà.”

Ẹ wò ó pé ó sọ ẹni tó fún un ní nọ́ńbà, kí ọ̀gá má baà rò pé oníjìbìtì ni. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè, ọ̀rọ̀ kan péré sì tó fi dá a lóhùn. Kò mẹ́nu kan gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n bá ríra ni yóò mú ìwé tí wọ́n buwọ́ lù nígbà tí wọ́n gba oúnjẹ dání, tí yóò sì fi béèrè owó rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni “mà” wà níbẹ̀, torí “ẹ” àti “yín” ti gbé ọ̀wọ̀ náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: Táíwò, Kẹ́hìndé tàbí Olúwaṣeun lè jẹ́ ọkùnrin, ó sì lè jẹ́ obìnrin. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ tó kọ “sà” tàbí “mà.”

Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra yín.