BÍ A TI Í KA IYE OWÓ SÍ ETÍ JÀMÁÀ

Ẹni tí a bá ní kó dìde ka iye owó fún jàmáà ni ẹ̀kọ́ wa yìí wà fún. Òun ní ìwé lọ́wọ́; àwọn tó ń gbọ́ kò ní.

Ká ní N110,000 ni owó tí a dá. Bí òǹkàwé bá wí pé, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá náírà", àwọn kan yóò gbọ́ N110,000, àwọn mìíràn yóò gbọ́ N100,010. "Ó lé" yìí kò sọ bóyá ẹgbẹ̀rún ló lé ni tàbí náírà. Àwọn bàbá wa ti fún 110 ní orúkọ tirẹ̀, àádọ́fà. Kí òǹkàwé wí pé, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà náírà", iyèméjì ti parí nìyẹn.

Ibòmíràn tí a ti máa ń ṣì í gbọ́ ni "dín" àti "lé". Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni 87. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni 93. Àárín ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀, bí a bá sì yára kà á, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà lè sọnù tàbí kó lé sí i. Ó tún le fún ọmọ ilé-kéwú, nítorí Lárúbáwá a máa sọ méje kó tó fi ọgọ́rin kún un. Kì í yọ mẹ́ta kúrò nínú àádọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí owó náà sún mọ́: "Owó yìí kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dín." Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó wá sọ ọ́ gan-an: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún náírà ni."

Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Zákà owó jẹ́ 2.5%. "Ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún" kì í dúró lọ́kàn ìyá tó ń tajà, nítorí kò rí ààbọ̀ yẹn kà. Ṣùgbọ́n "náírà kan nínú ogójì náírà" yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀: dírámù 5 nínú 200. Àwọn onímọ̀ fíkìhì ń pè é ní rubuul-uṣri, ìyẹn ìdámẹ́rin ìdámẹ́wàá, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀nà ìṣirò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní mílíọ̀nù lọ́nà ogójì náírà tó ti lo ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mílíọ̀nù kan ni zákà rẹ̀.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ ní kí ẹnì kan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn tún iye náà sọ. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ tún un kà kí jàmáà tó túká.