Alẹ́ Tó Ṣáájú Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ni Kí Ẹ Ti Bá Wọn Sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Kí ni kí n sọ fún wọn nípa oúnjẹ, oorun àti omi kí wọ́n tó wọ pápá? — Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí wọ́n ń wọ bàtà, ọ̀rọ̀ yín ti pẹ́ jù. Agbára tí ọmọ fi ń sáré ti wà nínú iṣan rẹ̀ kó tó dé pápá; ìrẹsì, iṣu tàbí ẹ̀bà tó jẹ lálẹ́ àná àti lọ́jọ́ náà ló di agbára yẹn. Alẹ́ àná náà ni oorun wà: ọmọ ọjọ́ orí yìí nílò wákàtí 8 sí 10, nítorí náà ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pa fóònù tì kí ilẹ̀ tó ṣú jìnnà. Ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára kò lè rọ́pò oorun, kò sì yẹ ọmọdé rárá.

Àwọn kan á ní ebi díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara fúyẹ́. Òótọ́ ni pé ikùn tó kún dẹ́nu kì í jẹ́ kéèyàn sáré, ṣùgbọ́n àsìkò oúnjẹ ló fa ìyẹn. Bí eré bá jẹ́ aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n jẹun ní nǹkan bí aago 12:30: ìrẹsì, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, ẹja tàbí ẹyin. Dùńdún àti àkàrà kì í tètè dà nínú nítorí òróró. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn eré.

Wọ́n tún máa ń ní omi ń mú ikùn wúwo. Omi tí wọ́n gbé mu lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n wádìí bí omi tí ara ọmọ ń pàdánù ṣe pọ̀ tó. Ká ní ọmọ kan wọn kílò 50 kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó mu omi ọ̀rá kan, ìyẹn ìdajì lítà, ó nu òógùn rẹ̀, ó wá wọn kílò 49.2 lẹ́yìn eré. Òógùn tó jáde lára rẹ̀ tó lítà 1.3. Ká ní kò mu nǹkan kan ni, ìwọ̀n rẹ̀ ì bá dín ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọmọ tó bá wúwo lẹ́yìn eré ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ti mu àmujù, ìyẹn náà léwu, torí omi àmujù ń fọ iyọ̀ ara.

Bí ọmọ bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú nínú oòrùn, ẹ gbé e síbi ìbòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.