Nígbà Tí O Bá Pa Òwe Tán, Kí Ni Ìwọ Fúnra Rẹ Rí Sọ?



Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní ká kọ àròkọ nípa ọjọ́ kan tí a ò lè gbàgbé. Èmi kọ nípa ọjọ́ kan tí ẹnì kan fi bọ́ọ̀lù fọ́ gíláàsì fèrèsé kíláàsì wa, tí wọ́n wá mú ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo rí ẹni tó fọ́ ọ, àmọ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yẹn fi gé koríko.

Níbi tó yẹ kí n ti sọ ìdí tí mo fi dákẹ́, ohun tí mo kọ nìyí: "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n tún ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nítorí náà ni mo ṣe dákẹ́."

Inú mi dùn gan-an. Òwe mẹ́ta lójú kan! Nígbà tí ìwé mi padà dé, olùkọ́ wa ti fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Àwọn àgbà ti sọ tiwọn. Ìwọ ńkọ́?"

Mo kọ́kọ́ bínú. Ṣebí wọ́n kọ́ wa pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a? Ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni mo rí i pé òwe yẹn gan-an ló dá mi lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà kó tó lè sọnù. Èmi ò ní ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀, mo kàn ń gun ẹṣin kiri ni.

Mo wá mú pẹ́ńsùlù, mo fa ilà sórí òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ṣẹ́ kù ni "Nítorí náà ni mo ṣe dákẹ́." Nítorí kí ni? Bí o bá yọ òwe kúrò tí ìdí ò sí mọ́, a jẹ́ pé òwe ló ń bá ẹ ronú.

Lẹ́yìn náà, mo bi ara mi pé ta ló pa òwe àkọ́kọ́ yẹn fún mi, kí ló sì fà á. Ìyá àgbà mi ni. Mo lọ sọ ohun tí màmá mi sọ nípa aládùúgbò wa fún aládùúgbò náà, ni wọ́n bá pa á fún mi. Òwe tí wọ́n fi bá olófòófó wí ni mo wá sọ di àwáwí fún ẹlẹ́rìí. Nílé, nígbà tí àgbà bá pa òwe, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń ka àròkọ ò sí níbẹ̀, torí náà ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un.

Níkẹyìn, mo wá òwe tó ta ko tèmi. Kò jìnnà: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ mi mu, àmọ́ kò bá a mu tán, torí pé tèmi ò bá mi dákẹ́ rárá. Ibi tí òwe ò ti bá ọ̀rọ̀ mi mu yẹn gan-an ni mo ti rí èrò tó jẹ́ tèmi. Bí mo ṣe tún un kọ rèé:

"Mo dákẹ́ torí pé ọ̀rẹ́ mi ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn, òun nìkan ló sì máa ń bá mi jókòó nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá padà máa dá jókòó. Mo fi òwe ìyá àgbà mi tu ara mi nínú, bẹ́ẹ̀ olófòófó ni wọ́n ń pa á fún. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tèmi dára. Tẹni tó ń gé koríko ló bàjẹ́."

Ẹ ò rí i pé òwe ṣì wà níbẹ̀. Mi ò ní ká má pa á o. Àmọ́ ní báyìí, tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ṣì máa mọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é.

Ohun kan ló kù. Òwe mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ kọ ò jẹ́ kí n rí i pé mo jẹ ọmọ yẹn ní ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí mo tún un kọ tán ni mo tó rí i. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́.