Bí A Ṣe Ń Ṣí Táìlì Àtijọ́ Láì Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Abẹ́ Rẹ̀ Sán

Táìlì ni a fẹ́ yọ. Sikirídì ni a fẹ́ fi sílẹ̀. Sikirídì ni ìpele iyanrìn àti símẹ́ńtì tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré kí wọ́n tó lẹ táìlì. Tí ó bá sán, táìlì tuntun tí a bá lẹ̀ lé e lè sán ní ojú ibẹ̀ kan náà, ẹni tó ni ilé yóò sì tún san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tó gbé òòlù, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìlànà EN 12004 ní kí gọ́ọ̀mù símẹ́ńtì onípò C1 lè di táìlì mú dé 0.5 N/mm², ó kéré tán. Táìlì tó jẹ́ 300 mm ní gígùn àti ní ìbú ní ojú tó tó 90,000 mm².

```
90,000 mm² x 0.5 N/mm² = 45,000 N
```

Ìyẹn ju ìwúwo tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa gbogbo táìlì sókè lẹ́ẹ̀kan náà ń fa sikirídì pẹ̀lú rẹ̀. Símẹ́ńtì lágbára gan-an tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí a bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣí táìlì láti etí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí èèpo.

Mo bá bíríkìlà àgbà kan ṣiṣẹ́ ní yàrá ìdáná kan ní Okitipupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Yàrá náà jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2.4 ní ìbú, nítorí náà táìlì 80 ló wà nílẹ̀. Táìlì nípọn tó 8 mm, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ sì tó 5 mm. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìfọ́kọnkéré wá, Bàbá ní, “Gbé e sílẹ̀ ná. Kan ilẹ̀ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.”

A fi ìdí òòlù kan táìlì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógún dún bí igbá òfìfo. Gọ́ọ̀mù kò dì wọ́n mú dáadáa, a sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn. A fi gráńdà gé símẹ́ńtì funfun tó wà láàárín àwọn táìlì, a kò sì jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ wọlẹ̀ ju 8 mm lọ. Bí a kò bá gé e, ìlù tí a lu táìlì kan yóò máa ti èkejì. A wọ ìbòmú àti awò ojú, a sì ṣí fèrèsé, nítorí ekuru yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ láti ara táìlì kan tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àárín rẹ̀ ni a ti fọ́ ọ kúrò, kí ṣísẹ́lì lè rí ọ̀nà wọ abẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ṣísẹ́lì ló ṣe pàtàkì jù. Tí a bá gbé e sókè dé 60°, ìdá 87 nínú 100 agbára òòlù ń lọ sísàlẹ̀, sínú sikirídì. Tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 20°, ìdá 34 péré ló ń lọ sísàlẹ̀. Agbára tó pọ̀ jù ń ti ṣísẹ́lì lọ síwájú. A lo ṣísẹ́lì ẹnu gbígbòòrò àti òòlù kékeré, a sì ń lù ú léraléra láì fi agbára púpọ̀ sí i.

Àwọn mẹ́tàlélógún yẹn kọ́kọ́ jáde. Nínú àwọn tó le, a fi gráńdà gé táìlì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, láì kọjá 8 mm. Agbára tó di ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú wá dín kù sí 11,250 N, ṣísẹ́lì sì rí etí púpọ̀ sí i.

Ẹ máa yí ẹ̀yìn táìlì wò bó ṣe ń jáde. Bí ó bá mọ́, tàbí tí gọ́ọ̀mù nìkan bá lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Tí ẹ bá rí iyanrìn sikirídì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ gé táìlì sí wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn wọlé. A rí i lẹ́yìn táìlì mẹ́ta lẹ́bàá ibi ìfọwọ́. Nígbà tí a yí ọwọ́ padà, kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe fi ṣísẹ́lì gbẹ́ gọ́ọ̀mù tó kù sílẹ̀. Gráńdà tó ní abẹ́ onífe ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Bí ìpele tín-ín-rín kan bá kù tó le, tó sì tẹ́jú, ẹ fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbá ilẹ̀ mọ́, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì nù ún. Ibi tó bá sán yóò mu omi, yóò sì fi ìlà dúdú hàn nígbà tí ibi yòókù bá ti ń gbẹ. Ẹ tún kan ilẹ̀; ibi tó bá dún bí òfìfo ti yọ kúrò lára kọnkéré.

Ọgbọ́n yìí kò lè gba sikirídì tí símẹ́ńtì rẹ̀ kéré jù là. Bí ìṣó bá lè ha á di iyanrìn, ẹ gé ibẹ̀ ní igun mẹ́rin dé orí kọnkéré, kí ẹ sì tún un tẹ́ kí táìlì tuntun tó dé.