🙏: Ọpẹ́ Ni, Ẹ̀bẹ̀ Ni, Àbí Àdúrà?

Bí wọ́n bá fi 🙏 ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́tsáàpù láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí lẹ máa ní ẹni náà sọ? Ẹnì kan á ní ó dúpẹ́. Ẹlòmíràn á ní ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kẹta á ní àdúrà ló ń gbà, á sì dáhùn pé "Àmín". Kò sí ẹni tó ṣì í gbọ́ nínú wọn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwòrán náà ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ nínú èdè Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni ọpẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni àdúrà. Ìṣe ara tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláàdìrẹ ti ń tajà fún oníbàárà tí wọn ò rí sójú. Ká ní ìyá aláàdìrẹ kan ya fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àǹtí mi, 25,000 náírà ni. Ṣé kí n di í fún awakọ̀ ní Kútọ̀?" Oníbàárà dá a lóhùn: 🙏. Kò kọ ohun mìíràn.

Bí ìyá náà bá kà á sí ọpẹ́, á ní wọ́n ti gbà, á di ẹrù, á sì wá awakọ̀. Bó bá kà á sí ẹ̀bẹ̀, á ní wọ́n fẹ́ kí òun dín owó kù ni, tàbí kí òun ṣe sùúrù títí owó oṣù á fi wọlé. Bó bá kà á sí àdúrà, á ní wọ́n ń súre fún ọjà òun, á sì máa retí èsì gidi. Ohun tó tún mú un le ni pé ọpẹ́ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́nu Yorùbá. Bí ẹ bá bá ẹnì kan nídìí oúnjẹ, tó ní kí ẹ wá jẹun, tí ẹ sì fèsì pé "Ẹ ṣé, á gba ibi ire", ẹ ti kọ̀ nìyẹn, ẹ kàn fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ni. Nítorí náà, oníbàárà yẹn lè ní lọ́kàn pé, "Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n owó yẹn ju agbára mi lọ." Ẹrù á ti dé Ọjọ́ta kí aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan ni ì bá yanjú gbogbo rẹ̀: "Ẹ ṣé, ẹ di í" tàbí "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù" tàbí "Ẹ ṣé, ó di ìgbà mìíràn."

Ilẹ̀ Japáànù ni àwòrán yìí ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lò ó, kí àjọ Yúníkóòdù tó fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́dún 2010, èyí tí í ṣe U+1F64F, kí gbogbo fóònù lè dá a mọ̀. Àwọn ará Japáànù máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ń tọrọ àforíjì, bí wọ́n bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ojú rere, àti bí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Àwọn ará Íńdíà ń fi irú ìṣe ọwọ́ yìí kí ara wọn. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti di púpọ̀ nìyẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Orúkọ tó ń jẹ́ lórí fóònù ni Folded Hands. Ẹni tó bá kánjú túmọ̀ orúkọ yìí á pè é ní "ọwọ́ kíká", àṣìṣe sì nìyẹn. Ẹni tó káwọ́ gbera ni ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, tó ń wòran nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó káwọ́ lérí ni ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tàbí ọpẹ́ nínú méjèèjì. Bí a bá sì pè é ní "ìpawọ́pọ̀", àwọn èèyàn á rò pé àjọṣe là ń sọ, nítorí pé àwọn tó pawọ́ pọ̀ ṣe nǹkan ni àwọn tó jọ ṣe é.

Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwòrán yìí ń ṣe, ẹ̀bẹ̀ ló bá àṣà wa mu jù. Ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjọba rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́, tàbí pé àwọn ará àdúgbò kan rawọ́ ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà nítorí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń rà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀, tí pàṣán sì ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á kúnlẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á máa fi ọ̀kan ra èkejì, á máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màámi, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Àwòrán fóònù kò lè mira, ṣùgbọ́n ojú tó ti rí ẹni tó ń rawọ́ rí á dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ tún wà nínú "jọ̀wọ́" fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá di nǹkan mú, tí a sì ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀, ohun tí a ní kó ṣe ni pé kó tú ọwọ́, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀ yín ń sọ pé kí ẹ tú ọwọ́ tí ẹ fi le mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Níbi ẹ̀bẹ̀ yìí náà ni mo ti rí àǹfààní àwòrán yìí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń fi fóònù kọ Yorùbá. "E jo" tí wọ́n kọ lè jẹ́ "ẹ jọ̀ọ́", ó lè jẹ́ "ẹ jó", ó sì lè jẹ́ "ẹ jọ". Bí wọ́n bá fi 🙏 tẹ̀lé e, kò sí ẹni tí á rò pé ijó ni wọ́n ní kí òun wá jó. Àmì ohùn ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n níbi tí kò bá sí, ọwọ́ ẹ̀bẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀.

Ti àdúrà yàtọ̀. Ẹni tó ń gba ìwúre nílẹ̀ Yorùbá kì í pa ọwọ́ pọ̀. Ó ń tẹ́wọ́ ni. Bí àgbà bá ń súre fún ọmọ, ọmọ náà á kúnlẹ̀, á ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè láti fi gba ire tó ń bọ̀, á sì máa ṣe "Àṣẹ" tàbí "Àmín". Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń tẹ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí nìyẹn pẹ̀lú. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló mú ọwọ́ pípa pọ̀ wá. Ajíhìnrere Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, òun àti Samuel Ajayi Crowther sì wá fìdí iṣẹ́ ìjọ múlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1846. Títí dòní ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwé pé kí wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, kí wọ́n dijú, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kan sì wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀: ọ̀rọ̀ "àdúrà" tí à ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì Aké gẹ́gẹ́ bí a ti ń lò ó ní mọ́ṣáláṣí Kóbíti, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Ìwúre ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì tó pa ọwọ́ pọ̀ àti Mùsùlùmí tó tẹ́wọ́ ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwòrán ọwọ́ títẹ́ ti wà lórí fóònù láti ọdún 2017: 🤲. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíràn, èyí ló bá ìṣe wa mu jù. Ẹ lè ṣàkíyèsí pé àwọn Mùsùlùmí ti ń lò ó dáadáa. Kò sí ìdí tí ẹlòmíràn kò fi ní lò ó, nítorí pé kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé ni Yorùbá ti ń tẹ́wọ́ gba ire.

Ní ti ọpẹ́, ọwọ́ kọ́ ni Yorùbá fi ń dúpẹ́, gbogbo ara ni. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí inú àgbàlagbà Ẹ̀gbá kan kì í fi í dùn bí ọmọ tó ràn lọ́wọ́ bá fi 🙏 kan ṣoṣo dá a lóhùn. Lójú ọmọ náà, ó ti dúpẹ́. Lójú àgbà, ọmọ náà dúró ṣánṣán níwájú òun. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tí wọ́n sì ń wí níbẹ̀ ní ohùn, ó ní orúkọ oore tí wọ́n ṣe nínú. "Ẹ ṣé bàbá, mo rí owó ìwé náà gbà, ẹ ò ní wá àánú tì" ni ọpẹ́. Bí 🙏 bá wá tẹ̀lé e, kò burú.

Ibi tó ti ń dun èmi jù ni ibi ìkéde òkú. Wọ́n á gbé fọ́tò olóògbé síta lórí Wọ́tsáàpù ẹbí, ogún èèyàn á sì to 🙏 sábẹ́ rẹ̀ tẹ̀léra. Èdè wa kì í kí gbogbo olóòkú bákan náà. Bó bá jẹ́ arúgbó tó fi ọmọ sáyé lọ, a ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, a ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀; "Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́" ló tọ́. Àwòrán ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sì mọ ìyàtọ̀ náà.

Èmi fara mọ́ ọn pé ká máa pe 🙏 ní ọwọ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ni ìṣe rẹ̀ bá mu jù lọ́dọ̀ wa, ká sì fi 🤲 sílẹ̀ fún àdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fi ṣọpẹ́, mi ò ní kí ẹ jáwọ́. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ "ẹ ṣé" tàbí "mo dúpẹ́" ṣáájú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí tàbí ọ̀rọ̀ owó ló délẹ̀.